Ọ̀nà Méjì sí Oògùn Kan: Bí A Ṣe Ń Fi Ìṣúná Átọ́ọ̀mù Ṣèdájọ́, àti Ibi Tí Òṣùwọ̀n Náà Kò Dé

 

Ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú yín lónìí rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù láti dáhùn. Bí ọ̀nà méjì bá wà tí a lè gbà ṣe oògùn kan náà, tí oògùn tó ti inú méjèèjì jáde kò sì yàtọ̀ síra, kí ni a ó wò kí a tó sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ? Oníṣòwò yóò ní kí a wo owó. Ẹni tó ń gbé létí ilé iṣẹ́ náà yóò ní kí a wo ohun tó ń ṣàn jáde láti inú páìpù. Òṣìṣẹ́ tó dúró ti ẹ̀rọ yóò ní kí a wo ohun tó lè pa òun. Òótọ́ ni gbogbo wọn sọ. Síbẹ̀, ohun kan wà tí a lè wò lórí ìwé lásán kí a tó ra èròjà kankan, ìyẹn ni iye átọ́ọ̀mù tó wọlé àti iye tó bá oògùn jáde. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan ni a ó bi.

N kò ní sọ̀rọ̀ lófuurufú. Oògùn kan ṣoṣo ni a ó gbé yẹ̀ wò, ìyẹn ibupurofẹ́ẹ̀nì, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rà nílé apòògùn nígbà tí orí bá ń fọ́ ni tàbí tí oríkèé bá ń dunni.

Oògùn náà àti àwọn tó ṣe é

Ilé iṣẹ́ Boots ní ìlú Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ibupurofẹ́ẹ̀nì ti jáde. Stewart Adams, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ipa oògùn lára, àti John Nicholson, tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì, ló darí iṣẹ́ náà. Wọ́n ń wá oògùn tí yóò wúlò fún àwọn tí làkúrègbé ń dà láàmú, tí kò sì ní ba inú wọn jẹ́ bí ásípírìn púpọ̀ ti máa ń ṣe. Ní 1961 ni Boots béèrè ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí rẹ̀. Ní 1969 ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún aláìsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1974.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Boots, kò sí ohun tó ń fipá mú wọn láti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe oògùn náà padà. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni ẹ̀tọ́ náà dópin. Bí ó ti dópin báyìí, ilé iṣẹ́ mìíràn lè máa ṣe é, ẹni tó bá sì lè ṣe é láìfi èròjà ṣòfò ni yóò jèrè. Boots fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Hoechst Celanese, wọ́n sì pe àjọṣe náà ní BHC. Wọ́n gbé ọ̀nà tuntun kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe oògùn ní ìlú Bishop, ní ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì, ní 1992. Ní 1997, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ kẹ́mísìrì aláwọ̀ ewé ti Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nítorí ọ̀nà náà.

Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀nà àtijọ́ ní. Ti tuntun jẹ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kíka ìgbésẹ̀ kò tó láti fi ṣèdájọ́, nítorí ìgbésẹ̀ kan lè burú ju mẹ́ta lọ. Ẹ jẹ́ kí a wá òṣùwọ̀n tó múná.

Òṣùwọ̀n tí Trost mú wá

Ó ti pẹ́ tí àwa onímọ̀ kẹ́mísìrì ti ń fi iye tó jáde yangàn. Bí ìṣirò bá ní kí gíráàmù 100 jáde, tí a sì rí gíráàmù 95 gbà, a óò sọ pé iṣẹ́ wa dá ìdá 95 nínú 100, inú wa a sì dùn. Ní 1991, Barry Trost ti Yunifásítì Stanford kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Science, níbi tó ti tọ́ka sí ohun tí ìṣirò yẹn ń fi pamọ́. Iṣẹ́ lè dá ìdá 100 nínú 100, kí ó sì jẹ́ pé ìlàjì ohun tí a lò ni a dà nù, nítorí pé ìdọ́gba ìyípadà náà fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ kí a dà á nù.

Aránṣọ kan lè gba ọ̀pá aṣọ mẹ́fà kí ó sì rán agbádá tó pé láìsí àṣìṣe, ṣùgbọ́n bí bátánì tó lò bá jẹ́ kí ọ̀pá mẹ́ta di àjákù, ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀. Bátánì ló ṣẹ̀. Bátánì yẹn ni Trost ní kí a máa díwọ̀n. Ó pè é ní ohun tí èmi yóò máa pè ní ìṣúná átọ́ọ̀mù. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

ìṣúná átọ́ọ̀mù = (ìwọ̀n mólékù ohun tí a fẹ́ ÷ àròpọ̀ ìwọ̀n mólékù gbogbo èròjà tó wọlé) × 100

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò le. A ó kọ ìdọ́gba gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀, a ó sì rí i dájú pé átọ́ọ̀mù apá òsì àti ti apá ọ̀tún ṣe rẹ́gí. A ó fa ìlà sí ohunkóhun tí ìgbésẹ̀ kan ṣe tí ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì jẹ tán, nítorí a kò rà á láti ìta. Ohun tó ṣẹ́ kù ní apá òsì ni èròjà tí a rà. A ó ro ìwọ̀n wọn pọ̀, a ó sì fi pín ìwọ̀n oògùn.

Ibi méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣì í. Àwọn kan máa ń ṣírò ìṣúná ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn a wá mú ìṣirò wọ̀nyẹn pín dọ́gba. Èyí kò tọ̀nà, nítorí ó ń ka ohun tí a ṣe láàárín ọ̀nà bíi pé a tún rà á. Àwọn mìíràn máa ń gbàgbé iye móòlù, bíi kí ìdọ́gba ní omi méjì kí wọ́n ka ẹyọ kan. Bí a ṣe lè mọ̀ pé ìṣirò wa pé ni pé kí a ro gbogbo ohun tó jáde pọ̀, oògùn pẹ̀lú pàǹtírí. Bí àròpọ̀ yẹn kò bá bá ti ohun tó wọlé dọ́gba, a ti gbàgbé nǹkan kan.

Ọ̀nà àtijọ́ lórí òṣùwọ̀n

Èròjà kan náà ni ọ̀nà méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀: isobútáìlì-bẹ́ńsíìnì, C10H14, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 134. Ibupurofẹ́ẹ̀nì, C13H18O2, tí a ń lọ síbẹ̀, wọn 206. Nítorí náà, ohun tó kù láti ṣe kò pọ̀ rárá. Kábọ́ọ̀nù mẹ́ta, ọ́síjìn méjì àti haidírójìn mẹ́rin ni a ní láti fi kún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ sì wo bí a ṣe ń fi wọ́n kún un.

Ní ìgbésẹ̀ kìíní, Boots lo asẹ́tíìkì anhaidíráìdì, C4H6O3, tó wọn 102, pẹ̀lú alumíníọ́mù kílóráìdì, AlCl3. Kítóònù kan, C12H16O, ló jáde, asẹ́tíìkì ásíìdì sì bọ́ sílẹ̀. Ásíìdì yìí ló ń mú kí fínígà kan.

Ní ìgbésẹ̀ kejì, wọ́n mú ẹ́táìlì kílóró-ásétéètì, C4H7ClO2, tó wọn 122.5, àti sódíọ́mù ẹtọ́sáìdì, C2H5ONa, tó wọn 68, lu kítóònù náà. Ohun tó jáde tóbi ju oògùn tí a ń wá lọ. Ó wọn 262. Iyọ̀ àti ẹ́tánọ́ọ̀lù sì bọ́ sílẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, omi àti ásíìdì gé e kúrú. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì àti ẹ́tánọ́ọ̀lù mìíràn bọ́ lọ, aadíháìdì kan, C13H18O, sì kù.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Aadíháìdì yìí ti ní kábọ́ọ̀nù 13 tí oògùn ní. Ọ́síjìn kan ṣoṣo ló kù kí a fi kún un. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọ̀nà àtijọ́ fi wá a. Haidirọ́síláámíìnì, NH2OH, tó wọn 33, ni wọ́n fi sọ ọ́ di ọ́síìmù. Omi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún fa omi mìíràn jáde lára ọ́síìmù, ó di náítíráìlì. Níkẹyìn, wọ́n da omi méjì padà sí i, amóníà bọ́ sílẹ̀, ibupurofẹ́ẹ̀nì sì jáde. Náítírójìn tó ti inú haidirọ́síláámíìnì wọlé kò dúró rárá. Ó wọlé ní ìgbésẹ̀ kẹrin, ó sì bá amóníà jáde ní ìgbésẹ̀ kẹfà.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó. Ohun tó wọlé jẹ́ 134, 102, 122.5, 68, omi 18, haidirọ́síláámíìnì 33, àti omi méjì tó wọn 36. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 513.5. Oògùn jẹ́ 206. Ìṣúná átọ́ọ̀mù ọ̀nà náà jẹ́ ìdá 40 nínú 100.

Ẹ tún wò ó láti apá kejì, kí a lè mọ̀ bóyá ìṣirò náà pé. Asẹ́tíìkì ásíìdì 60, iyọ̀ 58.5, ẹ́tánọ́ọ̀lù méjì 92, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì 44, omi méjì tó bọ́ sílẹ̀ 36, amóníà 17. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 307.5. Bí a bá fi oògùn 206 kún un, yóò di 513.5. Ó pé pérépéré.

Iye yẹn nìkan kò sọ ibi tí òfò wà. Bí a bá tọ ipasẹ̀ átọ́ọ̀mù lẹ́yọ lẹ́yọ, a ó rí i pé isobútáìlì-bẹ́ńsíìnì kò ṣòfò: nínú 134 tó gbé wá, 133 ló wà nínú oògùn. Ẹ́táìlì kílóró-ásétéètì ni kí a tẹjú mọ́. Nínú 122.5, 13 péré ló kù sínú oògùn, ìyẹn kábọ́ọ̀nù kan àti haidírójìn kan. Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin ló wọlé, mẹ́ta jáde. Sódíọ́mù ẹtọ́sáìdì àti haidirọ́síláámíìnì kò fi ohunkóhun sílẹ̀ rárá. A rà wọ́n, a gbé wọn wọlé, a tọ́jú wọn, a sì tún sanwó láti palẹ̀ wọn mọ́.

Ọ̀nà tuntun lórí òṣùwọ̀n

Ìgbésẹ̀ kìíní ti BHC jọ ti Boots: isobútáìlì-bẹ́ńsíìnì àti asẹ́tíìkì anhaidíráìdì ló di kítóònù kan náà, asẹ́tíìkì ásíìdì sì bọ́ sílẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé haidírójìn fúlóráìdì, HF, ni wọ́n lò dípò alumíníọ́mù kílóráìdì. A óò padà sórí èyí.

Ní ìgbésẹ̀ kejì, wọ́n fi haidírójìn, H2, lu kítóònù náà pẹ̀lú níkẹ́ẹ̀lì tó ń mú iṣẹ́ yá, ó sì di álíkọ́ọ̀lù. Kò sí ohun tó bọ́ sílẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, wọ́n fi kábọ́ọ̀nù mónósáìdì, CO, sínú álíkọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú paládíọ́mù tó ń mú iṣẹ́ yá, ibupurofẹ́ẹ̀nì sì jáde. Níbí pẹ̀lú, kò sí ohun tó bọ́ sílẹ̀. Álíkọ́ọ̀lù 178 pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù mónósáìdì 28 jẹ́ 206 gan-an.

Ohun tó wọlé jẹ́ 134, 102, 2 àti 28, àròpọ̀ rẹ̀ 266. Bí a bá fi pín 206, ìṣúná átọ́ọ̀mù jẹ́ ìdá 77 nínú 100. Ohun tó kù jẹ́ 60, ìyẹn asẹ́tíìkì ásíìdì nìkan.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe tọ́ọ̀nù 1,000 oògùn yìí. Lórí ìwé, ọ̀nà àtijọ́ yóò fi bíi tọ́ọ̀nù 1,500 nǹkan mìíràn sílẹ̀, oríṣiríṣi tí a ti pò pọ̀. Ọ̀nà tuntun yóò fi bíi 290 sílẹ̀, oríṣi kan ṣoṣo. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì bí iye náà fúnra rẹ̀. Pàǹtírí oríṣi kan rọrùn láti yọ mọ́, ó sì lè rí ẹni rà á. Iyọ̀, ẹ́tánọ́ọ̀lù, omi àti amóníà tó ti dàpọ̀ kì í rọrùn láti tú ká.

Nínú ìwé mìíràn, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ 99 fún ọ̀nà yìí dípò 77. Kò sí irọ́ ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni 99 ń dáhùn. Ìdá 77 ni iye tó bá oògùn jáde. 99 ni iye tí a ó rí bí a bá ka asẹ́tíìkì ásíìdì tí wọ́n gbà padà tí wọ́n sì lò mọ́ ohun tó wúlò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ 99 gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń gba ásíìdì náà padà lóòótọ́, pé ó mọ́, pé ó sì rí ibi lọ. Bí ó bá ń dà á sínú gọ́tà, 77 ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí òṣùwọ̀n yìí kò rí

Títí di ìsinsìnyí, gbogbo ẹ̀rí ló gbe ọ̀nà tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí a ṣe ń yin òṣùwọ̀n yìí náà ni ká máa wo ibi tí kò dé.

Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní ti Boots. Ǹjẹ́ ẹ ṣàkíyèsí pé n kò ka alumíníọ́mù kílóráìdì mọ́ èròjà tó wọlé? Òfin ìṣirò náà ló ní kí n má kà á, nítorí pé amúṣẹ́yá ni ìwé ẹ̀kọ́ ń pè é, amúṣẹ́yá kì í sì í sí nínú ìdọ́gba. Ṣùgbọ́n amúṣẹ́yá tòótọ́ ni èyí tí a ń fi díẹ̀ ṣe púpọ̀, tí a sì ń rí gbà padà. Alumíníọ́mù kílóráìdì kò rí bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ́síjìn ara kítóònù tó jáde máa ń dì í mú ṣinṣin, débi pé móòlù kítóònù kan yóò gba ó kéré tán móòlù alumíníọ́mù kílóráìdì kan, asẹ́tíìkì ásíìdì tó bọ́ sílẹ̀ náà sì máa ń dì í mú. Kí a tó lè gba kítóònù náà sílẹ̀, omi ni a ó dà sí i. Omi yìí yóò ba alumíníọ́mù kílóráìdì jẹ́ pátápátá. Èéfín haidirokílóríìkì ásíìdì yóò sọ, ooru yóò jáde, ohun tí yóò sì kù ni omi ásíìdì tó kún fún alumíníọ́mù, tí a kò lè fi ṣe iṣẹ́ kan náà mọ́.

Bí a bá ka móòlù kan ṣoṣo rẹ̀, tó wọn 133.5, mọ́ 513.5, yóò di 647. Ìdá 40 yóò wálẹ̀ sí 32. Ohun tó wà lára ẹrù pàǹtírí tó wúwo jù lọ ní ọ̀nà àtijọ́ ni òṣùwọ̀n náà kò rí rárá, nítorí orúkọ tí a fún un.

Nítorí irú èyí ni Roger Sheldon ṣe mú òṣùwọ̀n mìíràn wá ní 1992. Ó ní kí a wọn kílò pàǹtírí tó jáde lóòótọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan ohun tí a ṣe, kí a má fi orí ìwé nìkan mọ. Amúṣẹ́yá tó bàjẹ́ wà níbẹ̀, omi tí a fi fọ nǹkan, bí a bá ń kà á, wà níbẹ̀, ohun tí a fi yọ́ èròjà tí a kò sì rí gbà padà wà níbẹ̀. Nígbà tó fi wé oríṣiríṣi ilé iṣẹ́, ó rí i pé àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì kì í ju bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá kílò lọ, àwọn tó ń ṣe oògùn sì máa ń fi kílò 25 sí 100 ṣòfò kí kílò oògùn kan tó jáde, nígbà mìíràn ó tún ń jù bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ìgbésẹ̀ oògùn máa ń pọ̀, gbogbo ìgbésẹ̀ ló sì ń béèrè ohun tí a ó fi yọ́ nǹkan àti ohun tí a ó fi fọ̀ ọ́.

Ìṣúná átọ́ọ̀mù tún gbà pé gbogbo ìgbésẹ̀ dá ìdá 100 nínú 100. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kankan. Ká ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá ìdá 90, èyí tó dára púpọ̀. Bí móòlù 100 isobútáìlì-bẹ́ńsíìnì bá gba ìgbésẹ̀ mẹ́ta, 73 ló máa di oògùn. Bí ó bá gba mẹ́fà, 53 ni. Níhìn-ín ni iye ìgbésẹ̀ ti wá ní ìtumọ̀. Kíka ìgbésẹ̀ kò tó fún ìdájọ́ nígbà tó dá dúró, ṣùgbọ́n bí a bá fi iye tó jáde kún un, ó ń sọ ohun tí ìdọ́gba kò lè sọ.

Nínú ọ̀nà tuntun pàápàá, ibi tí iye tó jáde ti lè wálẹ̀ wà. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, kábọ́ọ̀nù mónósáìdì lè so mọ́ kábọ́ọ̀nù tó wà ní ìpẹ̀kun dípò èyí tó wà láàárín, kí ásíìdì mìíràn tó ní iye átọ́ọ̀mù kan náà sì jáde. Álíkọ́ọ̀lù náà sì lè pàdánù omi kí ó sì so mọ́ ara rẹ̀ di nǹkan yíyi bí oje igi. Ìṣirò wa kò lè rí ásíìdì kejì yẹn, nítorí ìwọ̀n mólékù rẹ̀ jẹ́ 206 bíi ti oògùn gan-an. Àyẹ̀wò inú yàrá ìmọ̀ nìkan ló lè fi í hàn.

Ewu kò sí nínú ìwọ̀n

Òṣùwọ̀n tó ń wo ìwúwo nìkan ka kílò iyọ̀ àti kílò májèlé sí ohun kan náà. Ní 1998, Paul Anastas àti John Warner gbé ìlànà 12 kẹ́mísìrì aláwọ̀ ewé jáde nínú ìwé wọn. Ìṣúná átọ́ọ̀mù ni èkejì. Ẹ̀kẹta ní kí a yẹra fún ohun tó lè pa ènìyàn àti àyíká lára, ìkẹsàn-án ní kí a lo amúṣẹ́yá tòótọ́ dípò èròjà tí a ń lò tán, ìkejìlá sì ní kí a yan ohun tí jàǹbá rẹ̀ kò ní pọ̀ bí ó bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tuntun gba máàkì gíga lórí èkejì àti ìkẹsàn-án. Lórí ẹ̀kẹta àti ìkejìlá, ọ̀rọ̀ yí padà.

Haidírójìn fúlóráìdì wà lára ohun tó léwu jù lọ nínú ilé iṣẹ́ kẹ́míkà. Ìwọ̀n ooru 19.5 ni ó ti ń hó, lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Èyí túmọ̀ sí pé ní Èkó tàbí Ìbàdàn, bí ihò bá ṣí lára páìpù, gáàsì ló máa jáde, kì í ṣe omi. Bí ó bá kan ara, ó máa ń wọnú ẹran lọ, fúlóráìdì rẹ̀ á sì máa di kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ mú, títí ọkàn fi lè dáwọ́ dúró. Èyí tí a ti fi omi là lè má dunni lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó kàn sì rò pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi jẹ́ẹ̀lì kálísíọ́mù gulukonéètì sí ìtòsí gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń lò ó. Kábọ́ọ̀nù mónósáìdì ìgbésẹ̀ kẹta náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn bí èéfín jẹnẹrétọ̀ inú ilé ṣe ń pa á, nítorí gáàsì kan náà ni.

Kí ló dé tí BHC fi yan HF? Ìdí ni pé nǹkan méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni amúṣẹ́yá, òun náà sì ni wọ́n fi ń yọ́ èròjà, nítorí náà wọn kò nílò ohun mìíràn tí yóò yọ́ ọ. Bí ó sì ti ń hó wẹ́rẹ́ yẹn, ó rọrùn láti fà á kúrò lára kítóònù kí a sì tún lò ó. Wọ́n ń gba ohun tó ju ìdá 99.9 nínú 100 rẹ̀ padà. Ìwà kan náà tó mú kí ó léwu ló mú kí ó ṣeé gbà padà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀nà àtijọ́ kò léwu. Haidirọ́síláámíìnì máa ń bú gbàù bí ó bá ki jù. Ní 1999, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Pẹnsilféníà nílẹ̀ Amẹ́ríkà ń sè é kí ó lè ki, ó bú, ènìyàn márùn-ún sì kú. Ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe ilé iṣẹ́ ibupurofẹ́ẹ̀nì, ṣùgbọ́n èròjà kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ewu ọ̀nà àtijọ́ fọ́n ká sí ìgbésẹ̀ púpọ̀, ti tuntun sì kó jọ sí ojú kan, ní ìwọ̀n tó pọ̀, nínú àgbá irin. Ewu tó kó jọ ṣeé ṣọ́ bí owó, ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá wà. Bí wọn kò bá sí, ewu tó kó jọ ni ó lè pa àdúgbò kan run.

Ìdájọ́

Ọ̀nà méjèèjì ló kùnà níbì kan náà. Ìlànà keje ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ohun tó ń hù padà. Isobútáìlì-bẹ́ńsíìnì ń wá láti ara tólúíìnì àti própíìnì, epo rọ̀bì sì ni orísun àwọn méjèèjì. Ìdá 77 tàbí 99 kò yí èyí padà, nítorí òṣùwọ̀n náà kò béèrè ibi tí átọ́ọ̀mù ti wá.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo dá ọ̀nà tuntun láre. Mi ò dá a láre nítorí pé 77 ju 40 lọ nìkan. Mo dá a láre nítorí pé ó yọ alumíníọ́mù kílóráìdì kúrò, ó sọ oríṣi pàǹtírí púpọ̀ di ẹyọ kan tó ṣeé lò, ó sì dín ìgbésẹ̀ kù sí ìlàjì. Ṣùgbọ́n mo fi àdéhùn kan sí ìdájọ́ náà: ibi tí wọ́n bá ti lè ṣọ́ HF tọ̀sán-tòru, tí ilé ìwòsàn tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó kàn sì wà nítòsí. Níbi tí ìwọ̀nyí kò bá sí, n kò lè fọwọ́ sí i pé kí a gbé e kalẹ̀, bó ti wù kí ìṣúná átọ́ọ̀mù rẹ̀ ga tó.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà méjì láti fi wéra, ẹ má gba ìdá kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn bí ìdáhùn. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò ìṣúná átọ́ọ̀mù, kí wọ́n tọ́ka èròjà tí kò fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú oògùn, kí wọ́n sọ ohun tí a pè ní amúṣẹ́yá tí a sì lò tán, kí wọ́n sì dárúkọ ohun tó lè pa òṣìṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti ṣèdájọ́. Èyí tó bá mú ìdá kan ṣoṣo wá ti ṣírò ni, kò tíì ṣèdájọ́.